Ìkúnpọ̀ kọ̀ntẹ́nà ní èbúté Àpápá

Ìkúnpọ̀ kọ̀ntẹ́nà ni ipò tí èbúté máa ń wà nígbà tí kọ̀ntẹ́nà tó ń wọlé látojú omi bá ti ń pọ̀ ju èyí tó ń jáde lẹ́nu géètì lọ fún ìgbà pípẹ́. Ní Èkó, Àpápá àti Tíńkáǹ ni wọ́n ti mọ̀ ọ́n jù. Ibi mẹ́ta ló máa ń hàn sí: ojú omi, níbi tí ọkọ̀ ti ń dákọ̀ró de àyè, àgbàlá tẹ́míná, níbi tí wọ́n ń to kọ̀ntẹ́nà lérí ara wọn, àti títì, níbi tí tírélà ti ń tò. Ojú títì ni aráàlú ń rí, àmọ́ inú àgbàlá ni ìdí ọ̀rọ̀ sábà máa ń wà.

Ìtàn ní ṣókí

Ní 1975, sìmẹ́ńtì tí ìjọba àpapọ̀ rà lókè òkun pọ̀ ju ohun tí èbúté Èkó lè já lọ, ọkọ̀ tó lé ní 400 sì dúró sójú òkun. Wọ́n ṣí èbúté Tíńkáǹ ní 1977. Ní 2006, ìjọba fi àwọn tẹ́míná lé àwọn ilé-iṣẹ́ aládàáni lọ́wọ́. Ilé-iṣẹ́ APM ló gba tẹ́míná kọ̀ntẹ́nà Àpápá. Lẹ́yìn náà, ìdúró kúrò lójú omi, ó bọ́ sójú títì, tírélà ń sùn lórí afárá Ìjọra àti ní Maìlì Tú fún ọ̀pọ̀ ọjọ́.

Àyè ìgúnlẹ̀

Kí ọkọ̀ ojú omi tó dé, ilé-iṣẹ́ tó ni ín ti bá tẹ́míná ṣàdéhùn ọjọ́ àti wákàtí tí yóò gúnlẹ̀. Ètò yìí dúró lórí iye wákàtí tí ọkọ̀ tó wà níbẹ̀ yóò fi já ẹrù rẹ̀ tán. Ká ní ọkọ̀ kan fẹ́ já kọ̀ntẹ́nà 1,000, kó sì gbé 800 mìíràn, kíréènì mẹ́ta ló sì ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Bí kíréènì kọ̀ọ̀kan bá ń gbé 20 ní wákàtí kan, 60 ni àpapọ̀ wọn, iṣẹ́ náà yóò sì gba wákàtí 30. Tí àgbàlá bá kún, àwọn ọkọ̀ tó ń kó kọ̀ntẹ́nà kúrò nídìí kíréènì kò ní rí ibi sọ ọ́ sí, kíréènì á máa dúró dè wọ́n. Ká ní iye tí kíréènì kọ̀ọ̀kan ń gbé lọ sílẹ̀ sí 12 ní wákàtí kan: iṣẹ́ kan náà di wákàtí 50. Ọkọ̀ tó tẹ̀ lé e ti pàdánù wákàtí 20 láìṣẹ̀, àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ náà á sì dé léra wọn.

Inú àgbàlá

Apá yìí ló ṣe pàtàkì jù. Kọ̀ntẹ́nà kò wà nílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n tò ó lérí ara wọn, mẹ́ta, mẹ́rin, nígbà mìíràn márùn-ún. Èyí tó wà lókè kì í sábà jẹ́ èyí tí tírélà wá gbé, nítorí bí wọ́n ṣe já wọn látinú ọkọ̀ kò bá bí àwọn oníṣòwò ṣe ń parí ìwé wọn mu. Nítorí náà, kíréènì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbé àwọn tó wà lókè kúrò.

Ìṣirò rẹ̀ kò le. Níbi tí wọ́n to mẹ́rin léra, èyí tó wà lókè kò nílò àgbékúrò kankan, èkejì nílò ẹyọ kan, ẹ̀kẹta méjì, èyí tó wà nísàlẹ̀ mẹ́ta. Bí ó bá ṣeé ṣe kí wọ́n béèrè èyíkéyìí, kíréènì yóò ṣe àgbékúrò kan ààbọ̀ lórí kọ̀ntẹ́nà kọ̀ọ̀kan ní ìpíndọ́gba. Níbi tí wọ́n to méjì péré, ìdajì ni. Ká ní gbígbé kan ń gba ìṣẹ́jú méjì: tírélà kan yóò gba ìṣẹ́jú mẹ́ta níbi tí wọ́n to méjì, 20 ni yóò lọ ní wákàtí kan. Níbi tí wọ́n to mẹ́rin, ìṣẹ́jú márùn-ún ni, 12 péré ni yóò lọ. Kíréènì kan náà ni, òṣìṣẹ́ kan náà ni. Ohun tó yí padà kò ju bí wọ́n ṣe tò ó ga tó lọ.

Ìṣirò yìí ṣì fọwọ́ kékeré mú un, torí ó gbà pé àyè wà nítòsí tí wọ́n lè sọ àwọn tí wọ́n gbé kúrò sí. Bí ìlà náà bá ti kún, kíréènì á rìn jìnnà, á sì sọ wọ́n sórí kọ̀ntẹ́nà ẹlòmíràn tí wọ́n máa béèrè lọ́la. Ìdí nìyí tí àgbàlá fi máa ń há kó tó kún tán; àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí sábà máa ń ka àgbàlá tí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún rẹ̀ ti lọ sí èyí tó ti kún. Bí ènìyàn bá fẹ́ mọ̀ bóyá ó ti dé ibẹ̀, kó wo iye wákàtí tó wà láàárín ìgbà tí tírélà wọ géètì àti ìgbà tó jáde. Bí wákàtí náà bá ń gùn sí i nígbà tí iye tírélà tó ń wọlé kò pọ̀ sí i, inú àgbàlá ló ti há.

Ètò ìpè tírélà

Ní ọjọ́ 27 oṣù Kejì 2021, Àjọ Èbúté Nàìjíríà, tí wọ́n ń pè ní NPA, bẹ̀rẹ̀ ìpè orí ẹ̀rọ tí wọ́n sọ ní Ètò. Onítírélà á forúkọ sílẹ̀, á sanwó, á dúró ní ibùdó tírélà títí wọn yóò fi pè é. Ohun tí irú ìlànà yìí tún ṣe ni ojú títì: ó ń pín ìgbà tí tírélà yóò dé. Kò lè dín bí kọ̀ntẹ́nà ṣe ga kù fúnra rẹ̀. Níbi tí nọ́ńbà kọ̀ntẹ́nà bá bá ìpè rìn, tẹ́míná lè fi òru wú u jáde kó tó di pé tírélà dé. Níbi tí kò bá bá a rìn, tírélà á dé lásìkò, á sì tún dúró nínú géètì.

Bí ó ṣe ń dé ọ̀dọ̀ oníṣòwò

Ẹ jẹ́ ká wo àpẹẹrẹ ìyá aláṣọ kan ní Balógun tí kọ̀ntẹ́nà aṣọ rẹ̀ bọ́ sílẹ̀ ní Mọ́ńdé. Ọjọ́ mẹ́ta ni tẹ́míná sábà máa ń fi sílẹ̀ láìgba owó ìpamọ́ (ní 2014, Ìgbìmọ̀ Àwọn Olùkẹ́rù pàṣẹ pé kó di méje, ọ̀rọ̀ náà sì dé ilé ẹjọ́). Ejẹ́ńtì rẹ̀ ti san owó aṣọ́bodè ṣáájú, àmọ́ àwọn aṣọ́bodè fẹ́ fojú rí ẹrù náà. Kíréènì gbọ́dọ̀ wú u jáde lọ síbi àyẹ̀wò, ìlà sì wà níbẹ̀. Ọjọ́ kẹjọ ni wọ́n fọwọ́ sí i. Ejẹ́ńtì san owó ìpamọ́ dé ọjọ́ kẹwàá, torí ọjọ́ náà ni ìpè tírélà bọ́ sí. Tírélà wọlé lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n kọ̀ntẹ́nà méjì wà lórí tirẹ̀, kò sì kàn án títí ilẹ̀ fi ṣú. Nígbà tó fi máa kàn án lọ́jọ́ kejìlá, ìwé owó ti kọjá ọjọ́ tó kọ sórí rẹ̀. Ejẹ́ńtì gbọ́dọ̀ padà lọ san ọjọ́ méjì sí i kí wọ́n tó jẹ́ kí ẹrù jáde.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló sanwó fún ní tẹ́míná, iye owó ọjọ́ kan sì máa ń ga sí i bó bá ṣe ń pẹ́. Dẹ́mọ́réèjì, ìyẹn owó tí ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi ń gbà nítorí pé kọ̀ntẹ́nà wọn pẹ́ kó tó padà, wà lọ́tọ̀, owó ìdúró tírélà náà wà lọ́tọ̀. Bí ó bá fi owó báńkì ra ọjà, èlé ń ga ní gbogbo ọjọ́ náà. Bí aṣọ Iléyá bá ni, ìyàtọ̀ ọjọ́ mẹ́sàn-án lè gbé e kọjá ọdún, kó di pé ẹ̀dínwó ni wọ́n fi ń tà á. Bí kò bá tà á ní ẹ̀dínwó, orí iye owó aṣọ ni ìnáwó náà ń lọ.

Kọ̀ntẹ́nà òfìfo

Owó ìdúró kò tíì parí nígbà tí ẹrù bá dé Balógun. Ìyá aláṣọ náà ti fi owó ìdógò sílẹ̀ lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi, kò sì ní rí i gbà àfi bí kọ̀ntẹ́nà òfìfo bá padà. Tí ibi ìgbàpadà bá kún, nítorí pé ọkọ̀ tó yẹ kó kó àwọn òfìfo lọ ṣì dákọ̀ró sójú omi, tírélà á dúró sẹ́nu ọ̀nà ti òun ti òfìfo lẹ́yìn rẹ̀. Ní gbogbo ìgbà tó bá fi dúró bẹ́ẹ̀, kò lè lọ gbé kọ̀ntẹ́nà mìíràn kúrò nínú àgbàlá.