Nọ́ńbà ló ń yíjú, kì í ṣe ọ̀rọ̀: títú àbájáde àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ sí èdè Lárúbáwá

Ọ̀pọ̀ rò pé orúkọ àyẹ̀wò ló le nínú iṣẹ́ yìí. Kò le rárá. WBC á dúró bó ṣe wà, orúkọ rẹ̀ lédè Lárúbáwá á tẹ̀lé e, ó tán. Nọ́ńbà tí ẹnikẹ́ni kò tú ló ń dá wàhálà sílẹ̀.

Ká mú ìlà méjì nínú fọ́tò àbájáde kan tí aláìsàn ń gbé láti London lọ bá dókítà ní Cairo: WBC 6.2, 10⁹/L, ìwọ̀n tó yẹ 4.0 – 11.0, àti CRP <5, mg/L. Kí a kọ́kọ́ fẹ fọ́tò náà dáadáa, torí 9 kékeré orí 10 máa ń já wálẹ̀ di 109. Ibi tó bá ṣókùnkùn, fọ́tò mìíràn la ń béèrè. A kì í méfò.

Lárúbáwá ń ti ọ̀tún lọ sí òsì, àmọ́ nọ́ńbà inú rẹ̀ ń ti òsì lọ sí ọ̀tún. Òfin Unicode ló ń bá kọ̀ǹpútà ṣètò méjèèjì, ó sì gbọ́n: 11.0 kì í di 0.11. Ohun tí kò mọ̀ ni pé nọ́ńbà méjì tí dáàṣì wà láàárín wọn jẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin. Tí àlàfo bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ dáàṣì nínú àpótí tí a ti yí kó máa ti ọ̀tún lọ sí òsì, 11.0 – 4.0 ni ojú á rí. Ti CRP tún burú jù, torí àmì "kéré sí" náà á yíjú bíi pé ó wà nínú dígí, ó di 5>. Ẹni tó bá sáré dà á kọ lè sọ pé ó ju 5 lọ.

Ohun tó ń múnú bíni ni àtúnṣe tí àwọn kan ń ṣe sí i. Wọ́n á fọwọ́ pààrọ̀ nọ́ńbà méjèèjì títí ojú á fi rí i pé ó tọ́. Ohun tó wà nípamọ́ tọ́ tẹ́lẹ̀. Àwọn ló wá bà á jẹ́, yóò sì hàn lódì bí wọ́n bá ti ṣí i níbòmíràn. Láti mọ̀, ẹ da nọ́ńbà náà sínú ojú ìwé tó ń ti òsì lọ sí ọ̀tún. Tó bá jáde bíi ti fọ́tò, ìrísí nìkan ló yí. Ìdarí àpótí ni kí ẹ yí padà, tàbí, tó bá jẹ́ HTML, kí ẹ fi èyí dè é:

```
<bdi dir="ltr">4.0 – 11.0</bdi>
<bdi dir="ltr">&lt;5</bdi>
```

Ẹ fi 0 sí 9 sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Nínú nọ́ńbà tí wọ́n ń kọ ní Íjíbítì, òdo kò ju ẹyọ àmì tóótó kan lọ, ó sì rọrùn láti ṣì í mú fún póìntì. Ẹ má sì ṣe yí ìwọ̀n bíi g/L padà sí òmíràn. Tí Hb bá jẹ́ 135 g/L, kó dúró bẹ́ẹ̀, kódà bí dókítà yẹn bá mọ 13.5 g/dL jù. PDF tó jáde gbẹ̀yìn la ń fi wé fọ́tò, ìlà kan lẹ́yìn òmíràn, torí ibẹ̀ ni nọ́ńbà tún ti lè yíjú.