Owó sítọ́ọ̀kì lè pé kí ọjà má pé

Ohun kan wà tó máa ń bí èèyàn nínú nínú ọ̀rọ̀ ilé ìkẹ́rùsí: wọ́n á ka ọjà tán ní ìparí ọdún, owó ọjà tó wà nílẹ̀ á bá èyí tó wà nínú kọ̀ǹpútà mu, gbogbo èèyàn á wá máa sọ pé sítọ́ọ̀kì pé. Kò pé o. Owó ló pé.

Ká ní ilé ìkẹ́rùsí kan wà nítòsí ìntáṣéńjì Ṣágámù, níbi tí ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn ti pàdé èyí tó gba Ìjẹ̀bú-Òde lọ sí Benin, kò tóbi jù, ọṣẹ, mílíìkì àti núdùsì ni wọ́n ń pín fún àwọn oníṣọ́ọ̀bù. Oníbàárà kan ní Ìjẹ̀bú-Òde ra ọgbọ̀n páálí núdùsì alálùbọ́sà, ẹni tó ń kó ẹrù lọ kó ọgbọ̀n páálí aládìyẹ sínú ọkọ̀, torí páálí méjèèjì jọra, ẹ̀gbẹ́ ara wọn ni wọ́n sì wà. Kọ̀ǹpútà ti yọ ọgbọ̀n kúrò lára alálùbọ́sà ní tiẹ̀. Ó wá ku 412 aládìyẹ nínú kọ̀ǹpútà, 382 ló wà nílẹ̀. Alálùbọ́sà jẹ́ 205 nínú kọ̀ǹpútà, 235 ló wà nílẹ̀. Iye owó kan náà ni wọ́n ń ta méjèèjì. Tí wọ́n bá ro owó pọ̀ ní Dìsẹ́ńbà, ìkan á bo ìkejì, kò sẹ́ni tó máa bèèrè nǹkan kan.

Bí alájọ tó fi owó ìyá aláta sàmì sí káàdì ìyá aláṣọ ni. Owó inú àpò rẹ̀ pé, ó ṣírò ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó pé, àmọ́ ọjọ́ tí ìyá aláta bá wá gba owó ẹ̀ ni wàhálà máa dé, ìyá aláṣọ ò sì ní sọ̀rọ̀ torí ó rò pé tòun ni.

Èyí tí wọ́n ń pè ní sáíkù káúntì, ìyẹn kíka ọjà díẹ̀díẹ̀ láàárín ọdún, ibẹ̀ ló ti dáa. Ọjà tó ń tà gan-an, wọ́n lè máa kà á lóṣooṣù, èyí tó ń tà níwọ̀nba lóṣù mẹ́ta mẹ́ta, èyí tí kì í tètè tà lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún. Tí aládìyẹ bá fi ọgbọ̀n dín, tí wọ́n sì kà á lóṣù tó kọjá tó pé, àárín ìgbà yẹn nìkan ni àṣìṣe ti lè wọlé. Ẹlòmíì á kọ́kọ́ tún un kà, lẹ́yìn náà wọ́n á wo ínífọ́ìsì ìgbà yẹn, wọ́n á rí i pé ìkan wà tó jẹ́ ọgbọ̀n páálí alálùbọ́sà gẹ́lẹ́, wọ́n á ka alálùbọ́sà, ó fi ọgbọ̀n lé, ọ̀rọ̀ ti yé wọn nìyẹn. Wọ́n lè pe oníbàárà, kí wọ́n sì gbé páálí méjèèjì jìnnà síra. Ní Dìsẹ́ńbà, ìwé tí wọ́n máa yẹ̀ wò ti di ti odindi ọdún, ẹni tó kó ẹrù lè ti kúrò níbi iṣẹ́.

Àmọ́ àwọn kan ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́. Wọ́n á kọ iye inú kọ̀ǹpútà sórí ìwé tí wọ́n fún ẹni tó ń kà. Tó bá ti rí 412, tó sì ka 382, á máa wá ọgbọ̀n kiri títí á fi “rí” i. Òfìfo ló yẹ kí àyè yẹn wà. Àwọn míì ń kà nígbà tí wọ́n ṣì ń kó ẹrù jáde níbẹ̀, tàbí kí wọ́n kàn yí iye inú kọ̀ǹpútà padà láì wádìí ohun tó fà á, àṣìṣe yẹn á sì tún padà wá.

Kíkà ọdọọdún náà ní àǹfààní tiẹ̀ o. Sáíkù káúntì sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ látinú kọ̀ǹpútà: ọjà yìí dà, mélòó ló kù? Ọjà tí kọ̀ǹpútà ò mọ̀ pé ó wà, kò sẹ́ni tó máa rán èèyàn lọ kà á. Páálí ọṣẹ tí oníbàárà dá padà, tí dẹ́rẹ́bà gbé sẹ́yìn ráàkì láì kọ ọ́ sílẹ̀, ó lè wà níbẹ̀ fún oṣù mẹ́wàá. Ìgbà tí wọ́n bá ti géètì, tí wọ́n ń ka ohun gbogbo láti ìgun dé ìgun ni wọ́n máa bá a, yálà ó ti bàjẹ́ tàbí kò tíì bàjẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n yá láti ọ́fíìsì wá kà lọ́jọ́ yẹn, ó ti rẹ̀ wọ́n, àwọn míì ò sì mọ̀ pé páálí kan ní ogójì nínú, wọ́n á kọ ẹyọ síbi tó yẹ kí wọ́n kọ páálí, àṣìṣe tuntun tún wọlé nìyẹn.

Èyí tó máa ń rí irú ọṣẹ yẹn láì dúró de Dìsẹ́ńbà ni pé kí wọ́n máa ka àyè pẹ̀lú, kì í ṣe ọjà nìkan. Kí wọ́n mú ráàkì kan lọ́sẹ̀, kí wọ́n kọ gbogbo ohun tí wọ́n bá níbẹ̀ àti ẹ̀yìn ẹ̀, títí kan àyè tí kọ̀ǹpútà sọ pé òfìfo ni, torí àyè òfìfo ò gba ju kéèyàn wò ó lọ.