Oyin tó ń gbọn ìdí nínú òkùnkùn, kí ló ń sọ?

Àpótí oyin kan wà lọ́dọ̀ mi tí mo fi gíláàsì sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, àwọn tó bá wá ra oyin máa ń dúró síbẹ̀ wò, wọ́n á ní "ọ̀gá, kí ló ṣe eléyìí tó ń gbọn ìdí báyìí, àbí ó ti mutí ni?" Kò mutí o. Ó ti rí òdòdó níbì kan ni, ó wá ń júwe ọ̀nà fáwọn yòókù.

Ẹ wò ó dáadáa, á rìn tààrà díẹ̀, á máa gbọn ìdí, tó bá dúró á yí gba ọ̀tún padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀, á tún un rìn, á wá yí gba òsì. Ìrìn tààrà yẹn gan-an lọ̀rọ̀ wà. Afárá dúró lóòró, inú àpótí ṣókùnkùn, kò sí oòrùn tó lè nawọ́ sí, ló bá fi òkè rọ́pò oòrùn: tó bá rìn sókè tààrà, ẹ kọjú sí oòrùn kẹ́ẹ máa fò lọ nìyẹn, tó bá rìn wá sísàlẹ̀, ẹ kẹ̀yìn sí i.

Ẹ jẹ́ ká ní oko kajú kan wà ní gúúsù, bíi kìlómítà 2 síbi àpótí, nínú oṣù January. Ní aago 9 àárọ̀ oòrùn wà ní ìlà oòrùn, ó tẹ̀ sí gúúsù díẹ̀, oko sì wà lọ́wọ́ ọ̀tún ẹni tó bá kọjú sí i. Oyin á wá fi ara ẹ̀ ṣe bí ọwọ́ aago tó wà lórí 2, á gbọn ìdí fún bíi sẹ́kọ́ǹdì 2, torí sẹ́kọ́ǹdì kan sún mọ́ kìlómítà kan. Tó bá di aago 3 ọ̀sán, oòrùn ti kọjá sí apá kejì, oko ò kúrò níbi tó wà, àmọ́ ijó ti bọ́ sórí 10. Karl von Frisch, ará Ọ́síríà, ló tú àdììtú yìí, wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nóbẹ́ẹ̀lì lọ́dún 1973.

Ojú ni oyin fi ń wọn ọ̀nà, bí igi àti koríko ṣe ń sáré kọjá ẹ̀gbẹ́ ẹ̀. Wọ́n ti tàn án rí, wọ́n ní kó fò gba inú ihò tóóró mítà 6 tí wọ́n ya àwòrán sára ẹ̀, ló bá délé jó ijó ibi tó lé ní 100 mítà!

Àwọn tó ń tẹ̀ lé e nínú òkùnkùn ò rí i, antẹ́nà ni wọ́n fi ń kàn án lára, wọ́n á sì gbọ́ òórùn òdòdó tó gbé wálé, torí ijó ò lè júwe igi kan pàtó, òórùn yẹn ni wọ́n á fi wá a tí wọ́n bá dé àdúgbò.

Tí afárá bá wó tó sùn gbalaja, ijó orí ẹ̀ á dàrú, torí kò sí òkè mọ́. Oyin tó bá sì rí òdòdó tí ò ládùn tó ò tiẹ̀ ní jó rárá. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé tí gíláàsì mi bá dákẹ́ lọ́jọ́ mélòó kan tójú ọjọ́ sì dáa, mo ti mọ̀ pé kajú ti wọ́ òdòdó dànù.