Ta ló ṣiṣẹ́ náà, Sindẹrẹ́là ni àbí iwin?

Bí ọ̀rọ̀ àlọ́ àwọn òyìnbó bá délẹ̀, kì í pẹ́ tí ẹnìkan yóò fi sọ pé àlọ́ ọ̀lẹ ni. Wọ́n á ní ọmọbìnrin kan jókòó sídìí ààrò, ó ń sunkún, iwin kan yọ, ó na ọ̀pá, ọmọ bá di ọlọ́lá. Wọ́n á tún fi kún un pé irú ìtàn bẹ́ẹ̀ ló ń kọ́ ọmọdé láti káwọ́ gbera, kó máa retí ẹni tí yóò wá gbé e gòkè. Mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yẹn ti ń wá: ìwé àwòrán ọmọdé ti gé ìtàn náà kúrú títí tó fi jẹ́ pé iwin àti ọ̀pá rẹ̀ nìkan ló ṣẹ́ kù. Ẹni tó bá kà á bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sílẹ̀ yóò rí i pé olùrànlọ́wọ́ inú àlọ́ kì í sábà dédé yọ, kì í sì í ṣe gbogbo iṣẹ́ tán.

Ẹ jẹ́ ká mú Sindẹrẹ́là tí Charles Perrault tẹ̀ jáde ní ilẹ̀ Faransé lọ́dún 1697, torí inú tirẹ̀ ni iwin tí gbogbo ayé mọ̀ yẹn ti wá. Kì í ṣe àjèjì sí ọmọ náà rárá, ìyá ìsàmì rẹ̀ ni. Nígbà tó bá a níbi tó ti ń sunkún pé òun fẹ́ lọ síbi àríyá ọmọ ọba, iṣẹ́ ló kọ́kọ́ rán an: kó lọ sínú ọgbà, kó já elégédé kan wá. Ọmọ lọ já èyí tó dára jù níbẹ̀. Iwin gbẹ́ inú rẹ̀ dànù tó fi ku èèpo, ó fi ọ̀pá kàn án, ó di kẹ̀kẹ́ ẹṣin tó ń dán bíi wúrà. Ó yẹ pàkúté wò, ó bá eku mẹ́fà tí wọ́n ṣì wà láàyè. Ó ní kí Sindẹrẹ́là rọra ṣí ilẹ̀kùn pàkúté náà díẹ̀, bí eku kọ̀ọ̀kan sì ṣe ń jáde ló ń di ẹṣin.

Ìgbà tó kan awakọ̀ ni ọ̀rọ̀ wá dùn. Iwin kò mọ ohun tí òun yóò fi ṣe é! Sindẹrẹ́là ló dá a lábàá pé kí òun lọ wò ó bóyá èkúté ńlá kan kó sínú pàkúté kejì. Mẹ́ta ló gbé wá, iwin mú èyí tí irùngbọ̀n rẹ̀ pọ̀ jù. Alángbá mẹ́fà tó di ìránṣẹ́, ẹ̀yìn agolo tí wọ́n fi ń bomi rin ọgbà ni Sindẹrẹ́là ti kó wọn. Inú ilé àti ọgbà ibẹ̀ ni gbogbo ohun tí idán náà lò ti jáde, ọwọ́ ọmọ tó mọ ibi tí nǹkan wà ló sì kó wọn wá.

Iwin wá ṣe òfin kan: agogo méjìlá òru kò gbọdọ̀ lù bá a níbẹ̀, torí gbogbo nǹkan yóò padà sí bó ṣe wà. Àwọn kan rò pé ìkìlọ̀ ìyá fún ọmọ lásán ni. Òfin yẹn ló gbé ìtàn náà ró. Bí agbára iwin bá wà títí di àárọ̀, Sindẹrẹ́là á jó tẹ́rùn, á gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ sílé, ìtàn á sì parí síbẹ̀. Torí pé agbára náà ní òpin ló ṣe sáré lálẹ́ kejì, torí pé ó sáré ni bàtà gíláàsì kan ṣe bọ́, bàtà yẹn nìkan ló sì lè júwe rẹ̀ nígbà tó ti padà wọ àkísà.

Ẹ tún wo ibi tí iwin wà lọ́jọ́ tí ìránṣẹ́ ọmọ ọba gbé bàtà dé ilé wọn láti wá ẹni tó ni ín. Kò sí níbẹ̀. Sindẹrẹ́là fúnra rẹ̀ ló rẹ́rìn-ín, tó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun náà dán an wò. Àwọn ọmọ ìyàwó bàbá rẹ̀ fi í ṣẹ̀sín, bàtà wọlé wẹ́kú, ó fa ìkejì yọ nínú àpò rẹ̀. Ìgbà tí ọ̀rọ̀ ti parí ni iwin wọlé wá tún aṣọ rẹ̀ ṣe.

Vladimir Propp, ará Rọ́ṣíà kan tó tú ọgọ́rùn-ún àlọ́ ilẹ̀ rẹ̀ palẹ̀ nínú ìwé tó tẹ̀ jáde lọ́dún 1928, ya irú àwọn ẹ̀dá yìí sọ́tọ̀: ẹni tó ń fúnni ní nǹkan agbára yàtọ̀ sí ẹni tàbí ẹranko tó ń báni lò ó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnìkan lè ṣe méjèèjì. Ó rí i pé kí nǹkan náà tó dọ́wọ́ akọni, ẹni tó ni ín máa ń kọ́kọ́ dán an wò. Àwa náà mọ ìdánwò yìí nínú àlọ́ tiwa: ìyá arúgbó lẹ́bàá odò ní kí ọmọ bá òun wẹ ẹ̀yìn, èyí tó ṣe é tinútinú gba ọrọ̀ lọ sílé, ọmọ orogún tó yínmú gba ìyà. Apàlọ́ kì í sọ fún wa pé ọmọ yìí dáa. Ó gbé arúgbó sójú ọ̀nà ká lè fojú ara wa rí i.

Ìtàn Yè Ṣián ti ilẹ̀ Ṣáínà, tí Duan Chengshi kọ sílẹ̀ ní bí ọdún 850, gbé ìdánwò náà síta ju ti Perrault lọ. Ẹja kékeré kan ni olùrànlọ́wọ́ ibẹ̀, ó ní lẹbẹ pupa àti ojú wúrà. Ọmọ náà fi í sínú abọ́, bó ti ń dàgbà ló ń pààrọ̀ abọ́, títí tó fi gbé e lọ sínú adágún. Oúnjẹ tó bá ṣẹ́ kù sí i lọ́wọ́ ló fi ń bọ́ ọ, ẹja kì í sì í gbórí sókè fún ẹlòmíràn. Ìyàwó bàbá rẹ̀ wọ aṣọ ọmọ náà láti tan ẹja jẹ, ó pa á, ó jẹ ẹ́, ó sì ri egungun rẹ̀ mọ́ ààtàn. Lẹ́yìn èyí, ọkùnrin kan sọ̀ kalẹ̀ láti ọ̀run, ó júwe ibi tí egungun wà fún Yè Ṣián pé kó máa tọrọ ohun tó bá fẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ń rí i gbà. Ọba tó fẹ́ ẹ níkẹyìn náà di egungun yẹn mú, ó ń fi ojúkòkòrò bèèrè ohun iyebíye. Ọdún kan péré ló fi gbà. Lọ́dún kejì, egungun dákẹ́.

Mi ò ní purọ́, àlọ́ kan wà tó fara jọ ohun tí wọ́n ń wí. Nínú ìwé 1697 yẹn kan náà, ológbò tó wọ bàtà ló parọ́, òun ló fọgbọ́n pa òmìrán, òun ló sọ ọmọ ẹni tó ń lọ ọkà lásán di àna ọba. Gbogbo ohun tí ọ̀gá rẹ̀ fi sílẹ̀ kò ju bàtà kan àti àpò kan lọ.

Ìparí Sindẹrẹ́là gan-an sì ní ẹ̀kọ́ méjì. Èkejì, tí ọ̀pọ̀ ìwé ọmọdé ti yọ kúrò, sọ pé làákàyè, ìgboyà àti ìbí rere dára lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọn kò lè gbéni dépò bí èèyàn kò bá ní bàbá tàbí ìyá ìsàmì tí yóò jẹ́ kí wọ́n hàn. Perrault kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni jókòó. Ààfin ló ń bú. Abẹ́ Colbert, mínísítà Ọba Louis Kẹrìnlá, ló ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣiṣẹ́, nígbà tí Colbert sì kú lọ́dún 1683, iṣẹ́ náà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.