Okùn USB-C mẹ́ta, ẹnu kan náà: kí ló dé tí ọ̀kan ṣoṣo ń gbé àwòrán?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Fídíò òde ìnáwó ni mo máa ń yà. Okùn USB-C mẹ́ta wà lọ́wọ́ mi, ẹnu wọn kò sì yàtọ̀ síra rárá. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ń ṣáájì fóònù mi. Ṣùgbọ́n tí mo bá fi àkọ́kọ́ so fóònù mọ́ láàpútọ́ọ̀pù, láàpútọ́ọ̀pù kì í mọ̀ pé ohunkóhun wà níbẹ̀. Èkejì ń kó fáìlì, àmọ́ tí mo bá fi so fóònù mọ́ mọ́nítọ̀, "No Signal" ni mọ́nítọ̀ máa kọ. Ẹ̀kẹta nìkan ló ń ṣe gbogbo rẹ̀. Ṣé ayédèrú ni méjì yòókù?

Ìdáhùn: Èkejì kì í ṣe ayédèrú. Iṣẹ́ tí wọ́n ṣe é fún ló ń ṣe. Àkọ́kọ́ ni ọ̀rọ̀ wà lára rẹ̀.

Orúkọ ẹnu okùn nìkan ni USB-C jẹ́. Kò sọ ohun tó wà nínú okùn. Láti 2014 tí wọ́n ti gbé ẹnu yìí jáde ni irin tẹ́ẹ́rẹ́ 24 ti wà nínú rẹ̀, 12 lókè, 12 nísàlẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi ń wọlé bí ẹ bá tilẹ̀ dorí rẹ̀ kodò. Ṣùgbọ́n kò pọn dandan kí gbogbo irin yẹn ní wáyà tó ń tẹ̀lé e láti ẹnu kan dé èkejì. Ẹni tó ṣe okùn ló ń pinnu èyí tó máa fà àti èyí tó máa yọ sílẹ̀. Wáyà lówó lórí, nítorí náà ọ̀pọ̀ ló ń yọ ọ́ sílẹ̀.

Àwọn tó ń gbé iná kò ṣeé yọ, torí láìsí wọn okùn kò wúlò fún nǹkan kan. Lẹ́yìn wọn ni wáyà kan tí wọ́n ń pè ní CC. Òun ni ṣájà àti fóònù fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀: ta ló máa fún èkejì níná, iná náà á sì ti pọ̀ tó. Lẹ́yìn èyí ni wáyà méjì tí wọ́n ń pè ní D+ àti D−. Àwọn ni wọ́n ti ń kó fáìlì láti ayé USB àkọ́kọ́ títí dé USB 2.0. Lẹ́yìn gbogbo wọn ni wáyà mẹ́jọ tí wọ́n so ní méjì-méjì, tí dẹ́tà fi ń sáré gan-an, pẹ̀lú méjì kéékèèké mìíràn tí wọ́n ń pè ní SBU. Ara àwọn tó kẹ́yìn yìí ni àwòrán ń gbà kọjá.

Nínú okùn yín àkọ́kọ́, ó jọ pé D+ àti D− kò sí. Òfin àwọn tó ń bójú tó USB ni pé okùn tó ní ẹnu C ní apá méjèèjì kò gbọ́dọ̀ kéré sí USB 2.0, nítorí náà èyí tí kò lè kó fáìlì rárá ti rú òfin yẹn. Irú rẹ̀ ló sábà máa ń bá fáànù, iná àfọwọ́gbé àti kílípà wá nínú páálí. Ẹni tó ń ta fáànù kò rò pé ẹnikẹ́ni máa fẹ́ kó fáìlì láti inú fáànù. Okùn yìí tún lè mú kí ṣáájì falẹ̀ lórí àwọn fóònù kan, torí pé àwọn ọ̀nà ṣáájì kíákíá àtijọ́, bíi Quick Charge 2.0 àti 3.0, orí D+ àti D− ni wọ́n ti ń dúnàá-dúrà.

Kí ẹ tó dá a lẹ́bi, ẹ wo ojú fóònù yín dáadáa. Tí ẹ bá so Àǹdírọ́ìdì mọ́ kọ̀ǹpútà, ṣáájì nìkan ló máa ń ṣe títí ẹ máa fi sọ fún un pé kó ṣe nǹkan mìíràn. Ẹ ṣí i, ẹ fa ìfitónilétí wálẹ̀ láti òkè, ẹ tẹ èyí tó sọ̀rọ̀ nípa USB, ẹ sì yan "File transfer". Tí fáìlì bá jáde, ara okùn yín dá. Tí kò bá jáde, ẹ fi okùn kẹta dán an wò lójú ihò kan náà, pẹ̀lú fóònù kan náà. Tí ẹ̀kẹta bá ṣiṣẹ́, ẹ ti mọ ẹni tó jẹ̀bi. Tí okùn àkọ́kọ́ bá ti ń kó fáìlì tẹ́lẹ̀ kó tó dákẹ́, wáyà ló já nínú rẹ̀, ó sì sábà máa ń jẹ́ ìdí ẹnu rẹ̀, níbi tí a ti máa ń tẹ̀ ẹ́.

Èkejì ní D+ àti D−, ó sì parí síbẹ̀. Mẹ́gábíìtì 480 ni USB 2.0 ń gbé ní ìṣẹ́jú àáyá kan lórí ìwé. Bíìtì mẹ́jọ ló ń di báìtì kan, nítorí náà tí a bá wo fáìlì gidi, mẹ́gábáìtì 30 sí 40 ni ẹ máa rí ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ká ní fídíò ìgbéyàwó kan tó gígábáìtì 60 wà lórí fóònù yín. Ní mẹ́gábáìtì 35, ó máa gba bí ìdajì wákàtí. Tí fóònù àti láàpútọ́ọ̀pù bá jọ ní USB 3 tó ń gbé gígábíìtì 5, tí okùn kẹta yín sì wà láàrin wọn, ó lè parí láàrin ìṣẹ́jú mẹ́ta, bí ibi ìpamọ́ fóònù bá lè sáré tó bẹ́ẹ̀.

Ti àwòrán ló máa ń da ọ̀pọ̀ èèyàn láàmú. Bí ẹ ṣe so fóònù mọ́ mọ́nítọ̀, orí CC ni wọ́n ti kọ́kọ́ ń sọ̀rọ̀. Mọ́nítọ̀ á ní òun lè gba àwòrán, fóònù á ní òun lè fi ránṣẹ́. Bí wọ́n bá gbà, fóònù á gba méjì tàbí gbogbo mẹ́rin nínú àwọn wáyà tí wọ́n so ní méjì-méjì yẹn, á yí wọn padà sí ti DisplayPort, ìyẹn ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà ń gbà fi àwòrán ránṣẹ́ sí mọ́nítọ̀, á sì máa da àwòrán gba orí wọn. CC wà nínú okùn kejì yín, nítorí náà ọ̀rọ̀ lè wọ̀ dáadáa láàrin wọn. Ṣùgbọ́n wáyà tó yẹ kó gbé àwòrán kò sí níbẹ̀. Èyí ló fà á tí mọ́nítọ̀ fi ń ṣáájì fóònù yín, tó sì tún ń kọ "No Signal". Kò sí sẹ́tíńgì tó lè yí i padà.

Okùn tí ẹnu rẹ̀ kan jẹ́ C, tí èkejì sì jẹ́ USB pẹrẹsẹ àtijọ́, kò lè gbé irú àwòrán yìí láéláé, kódà kó jẹ́ USB 3. Ẹnu pẹrẹsẹ yẹn kò ní ààyè fún CC.

Ìbéèrè: Ṣùgbọ́n fóònù olówó ńlá ni àbúrò mi rà, okùn inú páálí rẹ̀ gan-an kò gbé àwòrán. Kí ló dé?

Ìdáhùn: Torí pé okùn ṣáájì ni wọ́n fi sínú páálí. Ẹ wo iPhone 15 Pro tó jáde ní 2023: ihò rẹ̀ lè gbé gígábíìtì 10 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, USB 2.0 sì ni okùn tó wà nínú páálí rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ìyára yẹn gbọ́dọ̀ lọ ra okùn mìíràn. iPhone 15 tí kì í ṣe Pro tún yà mí lẹ́nu jù: fáìlì rẹ̀ kò lè kọjá USB 2.0, síbẹ̀ ó ń gbé àwòrán lọ sórí mọ́nítọ̀ bí okùn bá pé wáyà. Ìyára fáìlì lọ́tọ̀, àwòrán lọ́tọ̀.

Ó tún ṣeé ṣe kó jẹ́ pé fóònù fúnra rẹ̀ ni kò lè ṣe é. Àwọn Galaxy S ń gbé àwòrán jáde láti orí S8 ti 2017. Ọ̀pọ̀ Galaxy A, àti ọ̀pọ̀ fóònù tí kò wọ́n, kì í ṣe é. Nínú àkọsílẹ̀ fóònù náà, ọ̀rọ̀ tí ẹ máa wá ni "DisplayPort". Bí kò bá sí níbẹ̀, okùn tó dára jù láyé kò ní ràn án lọ́wọ́.

Ìbéèrè: Báwo ni mo ṣe máa dá èyí tó pé mọ̀ lọ́jà kí n tó sanwó?

Ìdáhùn: Ẹ má ṣe jẹ́ kí "Fast Charging", "60W" tàbí "240W" tàn yín jẹ. Ọ̀rọ̀ iná nìkan nìyẹn. Apple fúnra wọn ń ta okùn "240W" tó jẹ́ USB 2.0. Ohun tí ẹ máa wá lára páálí tàbí lára ẹnu okùn ni "5Gbps", "10Gbps", "20Gbps" tàbí "40Gbps". Èyí tí wọ́n kọ "480Mbps" sí kò ní gbé àwòrán.

Gígùn rẹ̀ náà ń sọ̀rọ̀. Okùn lásán tó ń gbé gígábíìtì 5 kì í sábà kọjá mítà méjì, ti 10 sábà máa ń jẹ́ mítà kan, ti 40 sì máa ń wà ní bíi sẹ̀ǹtímítà 80. Tí wọ́n bá fi okùn mítà mẹ́ta tó rọ̀, tó tẹ́ẹ́rẹ́, tó sì pọ́ọ́kú hàn yín, tí wọ́n ní ó ń gbé fídíò, ẹ rọra kí wọn kẹ́ ẹ máa lọ. Okùn tó pé máa ń nípọn, ó sì máa ń le díẹ̀, nítorí wáyà inú rẹ̀ pọ̀.

Pátákó kékeré kan tún wà tí àwọn alátùn-únṣe fóònù ń lò: ẹ ó ki ẹnu okùn méjèèjì bọ̀ ọ́, iná á máa tàn fún wáyà kọ̀ọ̀kan tó bá wà nínú rẹ̀. Ó máa fi hàn yín lójú ẹsẹ̀ bí okùn bá pé, àmọ́ kò lè sọ bí okùn náà ṣe máa sáré tó. Tí Linux bá wà lórí láàpútọ́ọ̀pù yín, ẹ fi okùn náà so díìsìkì SSD tó jẹ́ USB 3 mọ́ ihò rẹ̀ tó jẹ́ USB 3, kẹ́ ẹ wá tẹ èyí:

```
lsusb -t
```

Níparí ìlà díìsìkì yẹn, `480M` túmọ̀ sí pé USB 2.0 ni okùn náà. `5000M` tàbí `10000M` fi hàn pé àwọn wáyà tó ń sáré wà níbẹ̀. Ẹ yọ ọ́, ẹ dorí ẹnu rẹ̀ kodò, kẹ́ ẹ tún tẹ̀ ẹ́. Bí nọ́ńbà bá jábọ́ sí `480M` lójú kejì, ó lè jẹ́ ihò láàpútọ́ọ̀pù ló ní àbùkù ní ẹ̀gbẹ́ yẹn, nítorí náà ẹ fi okùn mìíràn dán ihò náà wò kẹ́ ẹ tó dá okùn lẹ́bi.

Ìbéèrè: Ṣé kí n sọ okùn àkọ́kọ́ nù, nígbà tí kò kó fáìlì?

Ìdáhùn: Rárá o. Ẹ fi sínú báàgì tẹ́ ẹ fi ń rìnrìn àjò. Ibi ṣáájì tí gbogbo ayé ń lò, ní pápá ọkọ̀ òfúrufú tàbí ní òtẹ́ẹ̀lì, ẹ kò mọ ohun tó wà lẹ́yìn ihò yẹn. Okùn tí kò ní D+ àti D−, tí kò sì ní àwọn wáyà tó ń sáré, kò lè gbé fáìlì yín jáde, kò sì lè gbé ohunkóhun wọlé yàtọ̀ sí iná. Kẹ́ ẹ ṣáà lẹ nǹkan pupa mọ́ ọn, kí ẹ má baà gbé e lọ sí òde lọ́jọ́ tẹ́ ẹ fẹ́ kó fídíò.