Kì í ṣe gbogbo alẹ́jì ni Pírítìn ń mú

Ẹ jọ̀ọ́, tẹ́ ẹ bá jókòó síwájú mi tẹ́ ẹ ní "dókítà, alẹ́jì ni", ẹ má bínú tí n ò bá bèèrè iye Pírítìn tẹ́ ẹ ti gbé mì. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni pé, ó tó wákàtí mélòó lẹ́yìn tí nǹkan ọ̀hún kàn yín kó tó bẹ̀rẹ̀? Láti 1963 ni Philip Gell àti Robin Coombs ti pín ọ̀nà tí ara fi ń jà ní ìjàkujà sí mẹ́rin, aago ló sì sábà máa ń tú àṣírí èyí tó jẹ́.

Obìnrin kan wá lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ojú ẹ̀ wú débi pé kò lè là á, etí ń ṣomi, gbogbo ibi tí irun ti bẹ̀rẹ̀ níwájú orí ti bó yánnayànna. Sátidé ló ṣe ìnáwó òkú ìyá ẹ̀, làwọn ẹbí bá ní wọ́n ti fi nǹkan sí i lóúnjẹ, wọ́n sì ti gbé e lọ sọ́dọ̀ bàbá kan tó fi àgbo gbígbóná bọ́ ọ lójú, kí egbò lè di méjì! Mo ní kí lẹ fi sórí lọ́jọ́ Fúráìdé? Dáì dúdú ni. Ó ní ṣùgbọ́n ó ti tó ọdún mẹ́ta tóun ti ń lò ó láìsí wàhálà. Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀: ara gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ kẹ́míkà inú dáì yẹn ná kó tó lè bínú sí i, èèyàn sì lè lò ó títí kí ara tó mọ̀ ọ́n. Tó bá ti wá mọ̀ ọ́n, sẹ́ẹ̀lì T, ọmọ ogun inú ẹ̀jẹ̀, ló máa rán sí i, ìyẹn kì í sì í yára, ó máa ń tó ọjọ́ méjì sí mẹ́ta kó tó dójú ẹ̀. Irú kẹrin nìyẹn. Ìdí kan náà ló fi jẹ́ pé tí wọ́n bá gún yín lápá láti fi wo ikọ́ ẹ̀gbẹ, wọ́n á ní kẹ́ ẹ padà wá lẹ́yìn wákàtí 48 sí 72. Pírítìn, hísítámìnì ló ń dí lọ́wọ́, ìyẹn kẹ́míkà tí ara ń tú jáde tó ń mú kó yún kó sì wú, hísítámìnì kọ́ ló sì ń jà níbí, oògùn sítẹ́rọ́ìdì ló mú tiẹ̀ lọlẹ̀. Mo kìlọ̀ fún un pé kò gbọ́dọ̀ kun dáì yẹn mọ́ láyé, bẹ́ẹ̀ ni láàlì tó dúdú kirikiri, torí kẹ́míkà yẹn ni wọ́n sábà máa ń pò mọ́ ọn.

Irú kejì, áńtíbọ́dì, ohun ìjà tí ara ń ṣe, ló ń lọ lẹ̀ mọ́ sẹ́ẹ̀lì gan-an tó sì ń bà á jẹ́. Ìyá tí rísọ́ọ̀sì ẹ̀, ìyẹn àmì ara ẹ̀jẹ̀, jẹ́ nẹ́gétíìfù bí àkọ́bí tó jẹ́ pọ́sítíìfù, ọmọ yè, àmọ́ ẹ̀jẹ̀ ọmọ ti kan ti ìyá, ara ìyá sì ti kọ́ ìjà, nígbà tó bá wá di ọmọ kejì tóun náà jẹ́ pọ́sítíìfù, ojú àti ara ọmọ náà lè di yẹ́lò kó tó pé wákàtí 24 tí wọ́n bí i. Àwọn kan á ní àbíkú ni. Àbíkú wo? Abẹ́rẹ́ áńtí-D kan fún ìyá kí wákàtí 72 tó kọjá lẹ́yìn ìbí àkọ́kọ́ ì bá ti dí i lọ́nà.

Ìkẹta, áńtíbọ́dì àti ohun tó ń bá jà á so pọ̀, wọ́n á lọ há sínú kíndìnrín. Ọmọ tí ọ̀nà ọ̀fun ń dùn, ó sàn, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan sí méjì ojú ẹ̀ ń wú láàárọ̀, ìtọ̀ ẹ̀ dúdú bíi kóòkì. Tó bá jẹ́ egbò ara ló fà á, ó lè tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́fà, ta ló máa wá rántí egbò?

Àmọ́ irú kìíní ló ń pààyàn kí wọ́n tó rí mọ́tò gbé e. Wọ́n gún bọ̀ọ̀dá kan ní pẹnisílìn ní kẹ́mísì, kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá ara ẹ̀ ń yún, ètè wú, ó ń mí fín-ín-fín-ín, òyì ń kọ́ ọ. Ẹni tó gún un fún un ní Pírítìn, ó tún fi haidirokọ́tísónì lé e, ó ní kó dìde rìn kí afẹ́fẹ́ fẹ́ sí i. Wọ́n gbé e dé ọ̀dọ̀ wa, ẹ̀pa ò bóró mọ́. Adirẹnalíìnì ni oògùn ẹ̀, ìdajì míligíráàmù fún àgbàlagbà, sínú ẹran ẹ̀gbẹ́ itan lọ́wọ́ ìta, kẹ́ ẹ tún un gún lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún tí kò bá tíì mọ́wọ́ dúró. Kẹ́ ẹ dá a dùbúlẹ̀, kẹ́ ẹ gbẹ́sẹ̀ ẹ̀ sókè, tí mímí bá ń nira fún un kó jókòó, àmọ́ kò gbọ́dọ̀ dìde dúró rárá, torí ẹ̀jẹ̀ ò ní padà dé ọkàn mọ́. Tó bá sàn, ẹ má jẹ́ kó lọlé, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù, ìjà ọ̀hún lè tún dé lẹ́yìn wákàtí díẹ̀. Ẹ̀yin oníkẹ́mísì, tí adirẹnalíìnì ò bá sí lórí kántà yín, ẹ má gún ẹnikẹ́ni ní pẹnisílìn.