Òòyì òkúta etí àti ọgbọ́n Epley

Òòyì òkúta etí ni òòyì tó máa ń kọ́ ènìyàn lójijì nígbà tó bá yí orí padà. Ó lè jẹ́ pé ẹni náà fẹ́ dìde lórí ibùsùn, ó yíra padà lójú oorun, ó gbójú sókè wo nǹkan lókè, tàbí ó bẹ̀rẹ̀ mú nǹkan nílẹ̀. Lẹ́ẹ̀kan náà, gbogbo yàrá á máa pòòyì, inú á máa rú, ẹlòmíràn á sì bì. Kì í sábà tó ìṣẹ́jú kan tí yóò fi dáwọ́ dúró, àmọ́ bí ẹni náà bá tún gbé orí sí ibi tó gbé e sí tẹ́lẹ̀, ó tún dé. Nínú gbogbo òòyì tí etí máa ń fà, òun ló wọ́pọ̀ jù. Ohun tó wà nídìí rẹ̀ ni ègé òkúta kéékèèké tó kúrò ní àyè rẹ̀ nínú etí, tó sì bọ́ sí ibi tí kò yẹ kó dé.

Ibi tí òkúta ti wá

Gbogbo wa la ní òkúta nínú etí. Ní etí inú lọ́hùn-ún, lẹ́gbẹ̀ẹ́ apá tó ń gbọ́ ohùn, àpò kéékèèké méjì wà, òrùka mẹ́ta tó ní ihò nínú, tó sì kún fún omi, sì so mọ́ ọ̀kan nínú wọn. Nínú àpò yìí ni òkúta wẹ́wẹ́ ń gbé. Kálísíọ̀mù kábọ́néètì ni wọ́n, wọ́n kéré débi pé ojú lásán kò lè rí ẹyọ kan, wọ́n sì lẹ̀ mọ́ orí ohun rírọ̀ kan tó ń yọ̀. Ìwúwo wọn ló ń jẹ́ kí ọpọlọ mọ ibi tí ilẹ̀ wà, bóyá a dúró ni o, bóyá a dùbúlẹ̀ ni.

Iṣẹ́ àwọn òrùka yàtọ̀. Yíyí orí nìkan ni wọ́n ń wọ̀n. Nígbà tí orí bá yí, òrùka á bá a yí, ṣùgbọ́n omi inú rẹ̀ á fà sẹ́yìn díẹ̀, á sì ti aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ṣe bí ilẹ̀kùn nínú òrùka náà. Bí ilẹ̀kùn yìí bá ṣe tẹ̀ ni iṣan etí ń ròyìn fún ọpọlọ. Nítorí náà, kò yẹ kí ohun tó wúwo wà nínú omi òrùka rárá.

Bí ènìyàn bá ń dàgbà, òkúta díẹ̀ lè ṣí kúrò lórí ohun tó lẹ̀ mọ́. Bí nǹkan bá gbá orí lójijì, ó lè ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bí iṣan ìdúróṣinṣin etí bá wú tàbí ènìyàn bá pẹ́ lórí ibùsùn nítorí àìsàn, ó lè ṣẹlẹ̀ bákan náà. Lọ́pọ̀ ìgbà, a kì í rí ìdí kan pàtó tọ́ka sí. Àwọn tó ti lé ní àádọ́ta ọdún ló ń ṣe jù, ó sì ń ṣe obìnrin ju ọkùnrin lọ. Òrùka ẹ̀yìn ni òkúta sábà máa ń bọ́ sí, nítorí òun ló wà nísàlẹ̀ jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, yálà ènìyàn jókòó tàbí ó fẹ̀yìn lélẹ̀. Nínú ẹni mẹ́wàá tó ní òòyì yìí, nǹkan bí mẹ́jọ ló jẹ́ ti òrùka ẹ̀yìn, òun náà ni àpilẹ̀kọ yìí dá lé.

Bí òkúta bá ti wà nínú òrùka, ìrìn rẹ̀ kò le láti fojú inú wò. Ẹni náà dùbúlẹ̀, òkúta bẹ̀rẹ̀ sí í já lọ síbi tó rẹlẹ̀, ó ń fa omi tẹ̀lé ara rẹ̀, omi sì fa ilẹ̀kùn. Orí ti dúró jẹ́ẹ́, ṣùgbọ́n etí kan ń sọ fún ọpọlọ pé orí ń yí. Etí kejì ní kò rí bẹ́ẹ̀. Ọpọlọ gba ti etí tó ń pariwo gbọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yí ẹyinjú láti bá yíyí tí kò sí náà mu, ìdí nìyẹn tí ayé fi ń pòòyì lójú ẹni náà. Nígbà tí òkúta bá balẹ̀, omi á dúró, òòyì á sì lọ.

Bí a ṣe ń dá a mọ̀

Ní ọdún 1952, àwọn dókítà méjì, Margaret Dix àti Charles Hallpike, ṣàlàyé àyẹ̀wò tí a ṣì ń fi dá òòyì yìí mọ̀ títí di òní. Kò gba ẹ̀rọ kankan, ojú tó mọ nǹkan wò ló gbà.

Ká fi obìnrin ẹni ọdún 58 kan ṣe àpẹẹrẹ. Ó yíra sí ọ̀tún lórí ibùsùn ní ìdájí, àjà ilé pòòyì, ó bì lẹ́ẹ̀kan. Láti ọjọ́ náà ló ti ń sùn pẹ̀lú ìrọ̀rí mẹ́ta lábẹ́ orí. Ó rò pé ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Ó ti lo oògùn òòyì fún ọ̀sẹ̀ méjì, oorun nìkan ló ń kùn ún.

Dókítà mú un jókòó gbọọrọ lórí ibùsùn, ó yí orí rẹ̀ sí ọ̀tún ní dígírì 45, ó sì dá a dùbúlẹ̀ kíákíá, tí orí fi rọ̀ kọjá etí ibùsùn ní nǹkan bí dígírì 20. Ó ní kó la ojú sílẹ̀, bí ó ti wù kó rí. Fún bí ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún, kò sí nǹkan kan. Lẹ́yìn náà ni ẹyinjú bẹ̀rẹ̀ sí í fò: ó ń ta sí òkè lọ́nà iwájú orí, ó sì ń lọ́ yípo, tí òkè ẹyinjú ń yí sí ìhà etí ọ̀tún tó wà nísàlẹ̀. Ó le sí i, ó rọlẹ̀, ó sì dáwọ́ dúró kí ìṣẹ́jú kan tó pé. Nígbà tí obìnrin náà jókòó padà, ẹyinjú tún ta díẹ̀, ṣùgbọ́n sí òdìkejì. Wọ́n ṣe ti òsì, kò sí nǹkan kan.

Ìdádúró díẹ̀ yẹn, lílọ́ yípo yẹn, àti pé ó parí fúnra rẹ̀, ló ń fi hàn pé òkúta ló ń rìn, pé òrùka ẹ̀yìn ti etí ọ̀tún ló sì wà. Bí gbogbo rẹ̀ bá pé báyìí, tí kò sì sí àmì mìíràn, kò sí ìdí láti ya àwòrán orí. Òkúta náà kéré ju èyí tí àwòrán lè fi hàn lọ.

Ọgbọ́n Epley

John Epley, dókítà etí ní Portland ní ìpínlẹ̀ Oregon ní Amẹ́ríkà, ló gbé ọgbọ́n yìí kalẹ̀ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ọdún 1980. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò gbà á gbọ́, nítorí ó dà bí eré lójú wọn pé kí a yí orí ènìyàn kí àìsàn sì lọ. Ọdún 1992 ni àpilẹ̀kọ tó sọ ọ́ di olókìkí tó jáde. Èrò rẹ̀ kò ju èyí lọ: òrùka ní ẹnu tó ṣí sínú àpò, nítorí náà bí a bá ń yí orí díẹ̀díẹ̀ kí ibi tí òkúta wà máa ga ju iwájú rẹ̀ lọ, ìwúwo òkúta fúnra rẹ̀ ni yóò gbé e padà sílé.

Fún obìnrin wa yìí, dókítà tún dá a dùbúlẹ̀ bíi ti àyẹ̀wò ọ̀tún, ibẹ̀ ni ìtọ́jú ti bẹ̀rẹ̀. Orí rẹ̀ wà ní ọ̀tún, ó rọ̀ díẹ̀ kọjá etí ibùsùn, wọ́n sì dúró bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá 30 sí 60, títí ẹyinjú fi dákẹ́. Lẹ́yìn náà, láì gbé orí sókè rárá, dókítà yí i sí òsì ní dígírì 90. Wọ́n tún dúró. Ìgbà yìí ni ó yẹ kí a wo ẹyinjú dáadáa. Bí ó bá tún ta sí ọ̀nà kan náà tó ta sí ní àkọ́kọ́, ìròyìn ayọ̀ ni, òkúta ń bá ìrìn rẹ̀ lọ síwájú. Bí ó bá ta sí òdìkejì, ó ti ń já padà sẹ́yìn nìyẹn, ó sì ṣeé ṣe kí wọ́n tún gbogbo rẹ̀ ṣe.

Ní ìpele kẹta, obìnrin náà yí gbogbo ara sí ẹ̀gbẹ́ òsì, orí rẹ̀ sì bá ara lọ ní dígírì 90 mìíràn, tí imú rẹ̀ fi kọjú sí ilẹ̀. Wọ́n dúró bíi ti tẹ́lẹ̀. Níkẹyìn, ó gbé ẹsẹ̀ sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ibùsùn, ó sì jókòó pẹ̀lú àgbọ̀n tó tẹ̀ wá sí àyà. Ọwọ́ dókítà kò gbọdọ̀ kúrò lára rẹ̀ níbí, nítorí àwọn kan máa ń rò lójijì pé ilẹ̀ ń wọ́ kúrò lábẹ́ wọn, wọ́n sì lè ṣubú. Lẹ́yìn ìsinmi díẹ̀, wọ́n tún àyẹ̀wò ọ̀tún ṣe. Ẹyinjú kò ta mọ́.

Àwọn tó pọ̀ jù ni ara wọn ń yá lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀kan sí ẹ̀ẹ̀mẹta. Kò dìgbà tí ènìyàn bá ń sùn ní ìjókòó lẹ́yìn rẹ̀, bí wọ́n ti ń sọ fún aláìsàn láyé àtijọ́. Ara lè má tíì balẹ̀ tán fún ọjọ́ mélòó kan, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi. Èyí yàtọ̀ sí òòyì gidi.

Ibi tí ó ti ń kùnà

Àṣìṣe kan tó wọ́pọ̀ ni gbígbé orí sókè láàárín ìpele kìíní àti ìkejì, tí òkúta fi já padà. Òmíràn ni títọ́jú etí tí kò ní nǹkan kan, pàápàá fún ẹni tó ń ṣe é fúnra rẹ̀ nílé láì tíì mọ ẹ̀gbẹ́ tó ń dà á láàmú. Ó tún lè ṣẹlẹ̀ pé òkúta jáde kúrò nínú òrùka ẹ̀yìn, kó wá ṣìnà wọ òrùka ẹ̀gbẹ́. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, òòyì á máa kọ́ ẹni náà nígbà tó bá fẹ̀yìn lélẹ̀, tó sì yí orí sí ọ̀tún tàbí òsì, ẹyinjú á sì máa ta sí ẹ̀gbẹ́ dípò òkè. Epley kò wúlò fún ìyẹn. Yíyí orí àti ara po bí ìgbà tí a ń yí igi lórí ilẹ̀ ni wọ́n fi ń tọ́jú rẹ̀.

Ẹni tí egungun ọrùn rẹ̀ kò dára, tàbí tí iṣan ẹ̀jẹ̀ ọrùn rẹ̀ ti dí, kò gbọdọ̀ gba kí wọ́n rọ orí rẹ̀ sẹ́yìn bẹ́ẹ̀. Oògùn òòyì lè dín inú rírú kù fún ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè ṣí òkúta nípò, ó sì ń mú kí àgbàlagbà tètè ṣubú.

Kì í sì í ṣe gbogbo òòyì ló jẹ́ ti òkúta. Èyí tó bá gùn tó wákàtí, tí etí sì ń di tàbí ń hó, ọ̀ràn mìíràn ni. Bí ọ̀rọ̀ bá ń lọ́ lẹ́nu, tí ènìyàn ń rí nǹkan kan ní méjì, tí apá tàbí ẹsẹ̀ kan kú, tí orí fọ́ lójijì lọ́nà tí kò rí rí, tàbí tí kò lè dúró láìsí ẹni tó dì í mú, ilé ìwòsàn ló kàn lójú ẹsẹ̀, nítorí ó lè jẹ́ rọpárọsẹ̀.

Òòyì òkúta etí máa ń padà wá. Láàárín ọdún márùn-ún, ó lè tó ìdajì àwọn tí ó ti ṣe tí yóò tún ṣe. Ìwádìí kan ní Gúúsù Kòríà, tó jáde ní ọdún 2020, rí i pé nígbà tí àwọn tí fítámì D kò tó lára wọn lo fítámì náà pẹ̀lú kálísíọ̀mù, ìpadàbọ̀ rẹ̀ dín kù ní nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin. Bí ó bá sì padà, ó lè jẹ́ etí kejì ni, tàbí òrùka mìíràn. Àyẹ̀wò la ó tún kọ́kọ́ ṣe, kí a tó yí orí ẹnikẹ́ni.